Ìpékeré mi ń rọ̀ nínú náílọ̀n, òmíràn sì ń rùn: níbo ni mo ti ṣe é tì?

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ ìpékeré ló gbé mi wá. Ilé ni mo ti ń dín in, ní Ìbàdàn níbí, ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà dúdú ni mo máa ń lò, òróró sóyà ni mo fi ń dín in, ọ̀bẹ ni mo sì fi ń gé e. Tí mo bá dín in tán, màá dì í sínú náílọ̀n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tà lọ́jà, gíráàmù 50 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, màá wá fi iná àbẹ́là lẹ ẹnu rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, kò sí wàhálà kankan. Àtìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni ojú mi ti ń rí nǹkan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà mi kan tó ní ṣọ́ọ̀bù dá páálí méjì padà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ́yìn tí mo kó o fún un. Èyí tó wà nínú páálí kìíní ti rọ̀, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ńṣe ló ń ká bí awọ bàtà, ṣùgbọ́n kò rùn. Ti páálí kejì ṣì le dáadáa, ẹ lè rún un wómúwómú, àmọ́ bí ẹ bá ti já náílọ̀n rẹ̀ báyìí, òórùn òróró àtijọ́ ni yóò kọ́kọ́ kí yín. Ọjọ́ kan náà ni mo dín méjèèjì, inú agbada kan náà! Kí ló fà á?

Alájà Ọjà Ọba

Iyọ̀ yín ló kéré, Màmá Ìbejì. Iyọ̀ kì í jẹ́ kí nǹkan bàjẹ́. Ṣé ẹ ò rí irú ni? Irú tí wọ́n bá fi iyọ̀ sí dáadáa máa ń pẹ́ ju èyí tí kò ní iyọ̀ lọ. Ẹ fi iyọ̀ sínú omi tí ẹ ń da ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí kí ẹ tó dín in, kí ẹ tún wọ́n díẹ̀ sí i lórí tó bá jiná. Èyí tó ti rọ̀ yẹn, ẹ sá a sóòrùn fún wákàtí méjì, yóò padà le.

Ọmọ Ìkirè

Ẹ má jẹ́ kó dùn yín, ti wa náà máa ń rọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kẹ̀ǹgbẹ̀ ni wọ́n ń lò, wọ́n á gún ata sí i, wọ́n á wá dín in títí yóò fi dúdú. Tó bá ti pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀, èéhù funfun ló máa ń hù lórí rẹ̀. Ẹ tètè tà á, ìyẹn ni àwọn ìyá wa ń ṣe.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá

Ọmọ Ìkirè, ẹ ṣeun o, ṣùgbọ́n kì í ṣe dòdò Ìkirè ni tèmi. Ìpékeré ni, èyí tó máa ń gbẹ. Kò hu èéhù rí.

Tísà Adín-nǹkan

Màmá Ìbejì, ẹ kú làálàá. Ibi tí wọ́n ti ń dín ìpanu tà ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá, kí n tó lọ síbẹ̀, mo ka ìmọ̀ nípa oúnjẹ ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta. Ohun tí ẹ sọ gbẹ̀yìn yẹn gan-an ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀. Kò hu èéhù nítorí pé kò sí omi tó tó nínú rẹ̀ tí èéhù lè fi gbéra. Dòdò Ìkirè ní omi nínú, ìdí nìyẹn tí èéhù fi ń pa á. Ìpékeré tó jiná dáadáa, omi inú rẹ̀ kì í ju nǹkan bíi ìdá méjì tàbí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn kòkòrò tí ojú ò rí kò lè ráyè níbẹ̀.

Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣe ọjà yín, ìyẹn ló fi dà bí àdììtú. Èyí tó rọ̀, omi ló wọ inú rẹ̀. Èyí tó ń rùn, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ló ń jẹ òróró ara rẹ̀. Ọ̀kan kò ní kí èkejì má ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan kò sì fa èkejì. Kí n tó sọ̀rọ̀ jù, ẹ dá mi lóhùn ìbéèrè mẹ́ta. Nígbà tí ẹ ń dì í, ṣé ó ti tutù? Níbo ni oníṣọ́ọ̀bù gbé páálí kọ̀ọ̀kan sí? Òróró yẹn ńkọ́, ṣé tuntun ni?

Ọ̀rọ̀ iyọ̀: Alájà, òótọ́ ni ti irú. Irú ní omi púpọ̀, iyọ̀ ń gba omi yẹn mọ́ àwọn kòkòrò lọ́wọ́ ni. Ìpékeré kò ní omi tí a fẹ́ gbà mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ lọ wo agolo iyọ̀ inú ilé ìdáná yín nígbà òjò, ẹ ó rí i bó ṣe ń tutù, tó ń dì pọ̀. Ohun tó bá ń fa omi mọ́ra báyẹn, a kì í fi ṣe oògùn fún nǹkan tó ń rọ̀. Ẹ fi ìwọ̀nba tí ẹnu fẹ́ sí i, ó tán. Èyí tó ti rọ̀, ooru lè mú un padà le lóòótọ́, ẹ lè yan án díẹ̀ nínú ẹ̀rọ ìyan kí ẹ sì jẹ ẹ́ nílé. Ṣùgbọ́n sísá sóòrùn kọ́, ìmọ́lẹ̀ oòrùn fúnra rẹ̀ ń mú kí òróró tètè bàjẹ́. Èyí tó ti ń rùn ní tirẹ̀, kò sí ooru tó lè wò ó sàn.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá

Tísà, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Lọ́jọ́ yẹn, mọ́tò ti ń dúró dè mí. Páálí kìíní, gbígbóná ni mo dì í. Mo tiẹ̀ rí i tí inú náílọ̀n ń làágùn, mo ní yóò gbẹ. Páálí kejì ti tutù kí n tó dì í. Mo pe oníṣọ́ọ̀bù, ó ní abẹ́ káńtà nílẹ̀ ni òun gbé páálí kìíní sí, ṣùgbọ́n òun já páálí kejì, òun so àwọn ọ̀ra rẹ̀ kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù kí àwọn èèyàn lè máa rí i. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń bọ́ síbẹ̀. Òróró kì í ṣe tuntun. Èyí tó ṣẹ́kù lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ni, mo wá da tuntun lé e lórí.

Adínkókóró Ẹ̀gbá

Òróró kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀ jàre. Èmi ń fi òróró kan dín kókóró lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún, tó bá ti ń lọ sílẹ̀, màá da tuntun sí i. Pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta kẹ́ẹ̀gì òróró lónìí, ta ló lè máa dà á nù?

Tísà Adín-nǹkan

Ẹ ṣeun, Màmá Ìbejì. Ọ̀rọ̀ ti ń yé wa.

Páálí kìíní: lílàágùn tí ẹ rí yẹn ni olè náà. Ooru inú ìpékeré lé ọ̀rinrin jáde, ó kan náílọ̀n tó tutù, ó di omi, ìpékeré tún fà á mu. Ẹ tún wá gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lásìkò òjò. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó dì í, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ta á sínú ọpọ́n mọ́jú o! Ìyẹn ni àṣìṣe kejì tí mo máa ń rí. Afẹ́fẹ́ òjò kún fún omi, ìpékeré tó bá sì gbẹ dáadáa ń wá omi kiri bíi kànìnkànìn. Lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì wákàtí, tí ẹ bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án tí kò gbóná mọ́, ẹ dì í lójú ẹsẹ̀. Tí ẹ kò bá ráyè, ẹ dà á sínú ike ńlá tí ìdérí rẹ̀ fún dáadáa.

Kí a tó bá náílọ̀n wí, ẹ wo gígé yín náà. Ọ̀bẹ ni ẹ fi ń gé e, kò lè dọ́gba. Tí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bá ti jiná, èyí tó nípọn ṣì ní omi láàárín. Ẹ kó gbogbo wọn pọ̀ sínú ọ̀ra kan, omi inú èyí tó nípọn á máa rìn lọ sínú àwọn yòókù. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo wọn á rọ̀, láìjẹ́ pé omi kankan wọlé láti ìta. Ẹ ra pátákó ìgé tó ní abẹ, èyí tó ń gé e sí nǹkan bíi mìlímítà 2. Inú agbada, ẹ máa gbọ́ ariwo òróró. Ariwo tó ń dún yẹn, omi ló ń jáde. Ẹ má kó o kúrò títí híhó rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀. Bí òróró bá wà ní nǹkan bí 160 sí 170 lórí tẹmọ́mítà Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, tí ẹ kò sì kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ jọ sí i lẹ́ẹ̀kan, kò ní pọ́n jù kó tó gbẹ.

Ẹ wá yẹ lílẹ̀ yín wò. Ẹ bu omi sínú báàfù, ẹ tẹ ọ̀ra ìpékeré kan bọ inú omi, kí ẹ rọra fún un. Tí ẹ bá rí i tí omi ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́nu ibi tí àbẹ́là lẹ̀, afẹ́fẹ́ ń wọlé níbẹ̀. Ẹ fi mẹ́wàá ṣe é, kí ẹ wá sọ iye tó jò.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá

Mo ti ṣe é. Mẹ́rin jò nínú mẹ́wàá. Ojú tì mí! Méjì nínú wọn, ojú lásán ò lè rí i, ó lẹ̀ dáadáa lójú mi.

Ẹ̀gbọ́n Pẹ́kámù

Ẹ kú àná o. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà. Àbúrò mi obìnrin ń fi ìpékeré ránṣẹ́ sí mi láti Ìjẹ̀bú-Òde, inú náílọ̀n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà ni. Nínú ọkọ̀ òfuurufú, àwọn ọ̀ra yẹn máa ń wú, tí wọ́n á sì bẹ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù níbí, inú náílọ̀n tó ń dán bíi fàdákà ló máa ń wà, ó kún bíi bàlúùnù, kò sì rùn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù. Kí ni wọ́n ń fẹ́ sínú rẹ̀? Ṣé oògùn ni?

Tísà Adín-nǹkan

Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe oògùn. Náítírójìn ni, èyí tó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí. Wọ́n fi lé ọ́síjìn jáde kí òróró má bàa rí ohun tí yóò jẹ ẹ́. Ẹ̀rọ rẹ̀ wọ́n fún ẹni tó ń dín nílé. Ṣùgbọ́n náílọ̀n tó ń dán yẹn fúnra rẹ̀ wúlò láìsí náítírójìn, nítorí ìmọ́lẹ̀ kò ráyè kọjá, omi àti ọ́síjìn kò sì tètè wọ̀ ọ́. Náílọ̀n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ọjà, ó ń dá omi dúró díẹ̀, àmọ́ ọ́síjìn ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ẹ tiẹ̀ lẹ̀ ẹ́ pa, yóò ṣì wọlé.

Ìyẹn gbé wa dé páálí kejì. Oòrùn tó ń bọ́ sí i lára lójoojúmọ́ nìkan tó láti bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè fọ ọwọ́ òróró mọ́. Adínkókóró, ẹ má bínú. Ẹ mọ bí ẹni tó ń ṣe ògì ṣe ń fi omi kíkan àná díẹ̀ sínú tuntun kó lè tètè kan? Bẹ́ẹ̀ ni òróró àtijọ́ ṣe ń ṣe tuntun. Ìbàjẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀ ló ń fi ran èyí tí ẹ dà lé e. Ìpékeré wá gbé òróró yẹn sára wọ inú ọ̀ra, ó ti gba ìdajì ọ̀nà ìbàjẹ́ kó tó dé ṣọ́ọ̀bù. Sóyà sì wà lára àwọn tó tètè ń bàjẹ́. Èyí tí wọ́n fọ̀ láti ara ẹyìn, tó mọ́ roro, máa ń fara da ooru jù ú lọ.

Adínkókóró Ẹ̀gbá

Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá náà ń da tuntun lé àtijọ́! Mo ti bá wọn ṣiṣẹ́ rí, wọn kì í da òróró inú agbada ńlá yẹn nù lójoojúmọ́.

Tísà Adín-nǹkan

Òótọ́ lẹ sọ, ẹ mú mi níbẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọ́n ń dín láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìpékeré ń gbé òróró jáde tó bẹ́ẹ̀ tí tuntun fi ń rọ́pò gbogbo rẹ̀ láìpẹ́, òróró kò sì ráyè pẹ́ níbẹ̀. Ti Màmá Ìbejì, ó lò ó, ó tutù, ó jókòó fún ọ̀sẹ̀ kan, ó tún gbóná. Gbígbóná àti títutù yẹn ló ń pa á. Tí ẹ bá máa tún un lò, ẹ sẹ́ èérún inú rẹ̀ kúrò lọ́jọ́ náà, ẹ dé e, ẹ gbé e síbi tó ṣókùnkùn. Tó bá ti ń dúdú, tó ń ki, tí ìfófòó rẹ̀ kò fẹ́ rọlẹ̀, tàbí tó ń rú èéfín níbi ooru tí kì í ti í rú tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ.

Adínkókóró Ẹ̀gbá

Mo gbọ́. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún náà ni màá ṣì lò ó. Kókóró mi ò tíì rùn sí ẹnikẹ́ni.

Alájà Ọjà Ọba

Mo tún gbọ́ pé àwọn kan ń yọ́ náílọ̀n sínú òróró kó lè máa ró wómúwómú. Ṣé lóòótọ́ ni?

Tísà Adín-nǹkan

Mo ti gbọ́ ọ, mi ò rí i rí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìpékeré tí omi rẹ̀ ti tán kò nílò rẹ̀.

Màmá Ìbejì, ẹ ṣe iṣẹ́ kan fún wa. Ẹ dín èyí tí ẹ máa fi òróró tuntun dín. Ẹ di mẹ́wàá sínú náílọ̀n tí ẹ ń lò, ẹ di mẹ́wàá sínú èyí tó nípọn dáadáa, kí ẹ fi ẹ̀rọ oníná lẹ ìyẹn. Ẹ wọn mẹ́wàá-mẹ́wàá papọ̀, nítorí òṣùwọ̀n ilé ìdáná kì í ka ìdajì gíráàmù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ tún wọ̀n wọ́n. Ohunkóhun tó bá fi kún ìwúwo, omi ni. Ọ̀ra gíráàmù 50 tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdá méjì omi nínú ọgọ́rùn-ún, tó bá fi gíráàmù kan àbọ̀ lé, ó ti sún mọ́ ìdá márùn-ún, ibẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ lẹ́nu. Ẹ dì márùn-ún sí i nínú èyí tó nípọn, kí ẹ gbé wọn sójú fèrèsé. Àwọn yòókù, ẹ fi wọ́n sínú páálí.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti dé pẹ̀lú èsì.

Náílọ̀n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ oní-àbẹ́là: mẹ́wàá pẹ̀lú náílọ̀n wọn jẹ́ gíráàmù 516 lọ́jọ́ kìíní. Lónìí, 535. Mo já wọn, mẹ́rin ti rọ̀ pátápátá, àwọn yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn. Èyí tó nípọn: láti 528, ó di 532. Gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló ń ró. Ọkọ mi jẹ mẹ́ta kí n tó wọn ohunkóhun, mo ní láti dín òmíràn dípò!

Ti ojú fèrèsé ni mo wá rí bí idán. Wọ́n le koránkorán, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì mo já ọ̀kan, ó ti ń gbé òórùn yẹn. Àwọn ti inú páálí kò rùn títí di àná, òróró kan náà ni, náílọ̀n kan náà. Mo ti pe oníṣọ́ọ̀bù mi, mo ní kó sọ wọ́n kalẹ̀ kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní tí wọn kò bá rí i, wọn ò ní rà á. A jọ gbà pé kó so ọ̀ra mẹ́ta péré kọ́, kí ó máa pààrọ̀ wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ìbéèrè mi tó kù: mò ń fẹ́ gba nọ́ńbà NÁFÍDÁÀKÌ. Wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ sára ọ̀ra. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kọ oṣù mẹ́fà bíi ti gbogbo èèyàn.

Tísà Adín-nǹkan

Ẹ má kọ oṣù mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ ní ẹ̀rí fún báyìí. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá dín, ẹ yọ ọ̀ra méjìlá sọ́tọ̀, ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ máa já ọ̀kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ fún ẹni tí kò mọ ọjọ́ rẹ̀ tọ́ wò. Ọ̀sẹ̀ tí ẹni náà bá kọ́kọ́ sọ pé “kí lèyí?”, ẹ padà sẹ́yìn dáadáa kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó kọ ọ́. Ẹ ṣe é lásìkò òjò o, kì í ṣe nígbà ọyẹ́, torí ọyẹ́ máa ń tàn wá jẹ.

Ẹ̀gbọ́n Pẹ́kámù

Àwọn ilé-iṣẹ́ kan níbí ń fi nǹkan sínú òróró kó má tètè bàjẹ́, mo rí i lára ọ̀ra. Ṣé Màmá Ìbejì kò lè fi díẹ̀ sí i?

Tísà Adín-nǹkan

Ó wà, ó sì bófin mu ní ìwọ̀nba. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí òṣùwọ̀n ilé ìdáná ò lè wọ̀n ọ́n. Òróró mìíràn sì ti ní in nínú láti ilé-iṣẹ́. Èmi ò ní sọ pé kí ẹni tó ń dín nílé fọwọ́ kàn án. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ò gbà pẹ̀lú mi lórí èyí.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá

Mi ò ní fọwọ́ kàn án. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta náílọ̀n tó ń dán bíi fàdákà yẹn ní Ìbàdàn, tí wọ́n lè tà fún èèyàn láìjẹ́ pé ó ra ẹgbẹ̀rún márùn-ún lẹ́ẹ̀kan?

Adínkókóró Ẹ̀gbá

Ẹ bá mi béèrè náà, ká pín in.